Ìyá Àárín àti Tábìlì Àwọn Káfíńtà Méjì

Yàrá ìlàjà wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹjọ́, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Tábìlì roboto kan ló wà níbẹ̀, àga mẹ́rin, pátákó funfun kan lára ògiri, àti aago kan tó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà sáré ju gbogbo aago yòókù lọ. Tábìlì náà kò ní orí, kò ní ìdí, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sí ipò àgbà. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni àwọn akọ̀wé kóòtù ń pè ní Ìyá Àárín. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí ewúrẹ́ méjì bá ń kanra wọn ní ìta, Ìyá yóò gbé àga sí àárín wọn, yóò sì bi èyí tó kọ́kọ́ kàn pé báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jókòó sí ẹsẹ̀ adájọ́, tó ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀. Ó rí ọmọ ìyá tó gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé tí wọ́n sì gba méjì jáde. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó lọ kọ́ iṣẹ́ onílàjà. Ní ọdún kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà, obìnrin kan sọ ọ̀rọ̀ fún un ní ìkọ̀kọ̀, ní yàrá kejì tó ti máa ń gbọ́ tẹnu kálukú lọ́tọ̀. Nítorí pé ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó jẹ́ kí ìdajì gbólóhùn péré jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú ẹni tí obìnrin náà ń bá ṣẹjọ́. Obìnrin náà mú báàgì rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìdílé yẹn kò sì tún jókòó pọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá wọ etí Ìyá Àárín ní yàrá kejì, yàrá kejì ló ń sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, káfíńtà méjì wọlé. Ẹ̀gbọ́n súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, àbúrò lé díẹ̀ ní ogójì. Ìyá kan, bàbá kan. Bàbá wọn ló fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú tábìlì gígùn kan tí ó fi odindi pákó kan ṣoṣo ṣe, orí rẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì ti kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù pé kí wọ́n fi ògiri là ilé iṣẹ́ náà sí méjì. Adájọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àárín ná.

Wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà láti jókòó. Lẹ́yìn náà ni Ìyá ṣí ìjókòó náà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun kì í ṣe adájọ́, òun kò ní dá ẹnikẹ́ni láre, òun kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lè dìde nígbàkigbà. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì fi etí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ níbí kò ní dé etí adájọ́, àfi àdéhùn tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Bí òun bá sì pe ẹnì kan sí yàrá kejì, ohun tó bá sọ níbẹ̀, òun kò ní gbé e jáde láìjẹ́ pé ó fún òun láyè.

Ẹ̀gbọ́n ló pẹjọ́, òun ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Kò pẹ́ rárá.

“Màmá, mo kan àga lánàá, mo fi sílẹ̀ kí àtè rẹ̀ gbẹ. Mo dé ní òwúrọ̀, mo bá a, ó ti di àga ẹlòmíì. Ó ti tú u, ó ti tún un kàn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Kó kúkú máa pè mí ní ọmọ iṣẹ́, kí n máa gbá ilẹ̀ fún un.”

Àbúrò sọ tirẹ̀ láì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun kò fojú di bọ̀ọ̀dá òun rí. Ó ní bó bá jẹ́ ògiri ni wọ́n fẹ́, òun kò ní bá wọn fà á. Nígbà tí Ìyá bi í nípa àwọn àga náà, ó ní kí wọ́n bi òun ní nǹkan mìíràn.

Ìyá sọ ọ̀rọ̀ kálukú padà fún un kó lè mọ̀ pé òun gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó kọ ohun tó wà nílẹ̀ sára pátákó: ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ ìlapákó, tábìlì bàbá. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó fi “ìwọ̀sí” kún un. Àbúrò ní kò sí ìwọ̀sí kankan. Ìyá kọ “bí a ṣe ń bára wa ṣiṣẹ́”, àwọn méjèèjì sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti jọ sọ ọ́ lójúkojú, ṣùgbọ́n gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n bá bi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni àbúrò fi ń dáhùn. Ìgbà náà ni Ìyá ní kí òun rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú yàrá kejì, ẹ̀gbọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bí ewé tí ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò lórí rẹ̀.

“Bó ṣe rí nìyẹn. Kò tíì mọ̀. Mo fẹ́ kúrò lójú rẹ̀ kó tó mọ̀.”

Ìyá bi í pé bí kò bá sí ẹjọ́, tí kò sí ìtìjú, kí ni ì bá fẹ́.

“Kí èmi máa wọn igi, kí òun máa gé e. Ṣùgbọ́n ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin. N kò ní di ẹrù kẹfà lé e lórí.”

“Èwo nínú èyí ni mo lè gbé dé ọ̀dọ̀ àbúrò yín?”

“Kò sí ìkankan. Ẹ sọ fún un pé ògiri ni mo fẹ́.”

Ogójì ìṣẹ́jú ni Ìyá lò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n, ogójì ìṣẹ́jú náà ló fún àbúrò. Àbúrò kò tiẹ̀ tíì jókòó tán tó fi sọ ọ́.

“Màmá, ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi ń gbọ̀n. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti mọ̀. Àwọn àga yẹn kò lè gba èèyàn dúró. Ṣé kí oníbàárà wá dá a padà lójú gbogbo ayé? Mo ń tètè dé kí n tún un ṣe, mo rò pé wọn ò ní mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?”

“Kí n wo ojú ẹni tó kọ́ mi ní ayùn, kí n sọ pé wọn ò lè di ayùn mú mọ́?” Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé eyín. “Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n máa wọn igi, kí n máa gé e. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ o. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo mọ̀, ojú á tì wọ́n pa.”

Ìyá Àárín jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti fi ìlà kan pín ojú ewé ìwé rẹ̀ sí méjì, bó ṣe máa ń ṣe, ti ẹ̀gbọ́n lápá òsì, ti àbúrò lápá ọ̀tún. Gbólóhùn kan náà ló wà ní apá méjèèjì. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ láàárín ilẹ̀kùn kan sí èkejì, òun nìkan ló sì lè rìn ín, òun nìkan ni kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù kankan dání. Ó dúró níbẹ̀ títí akọ̀wé kan fi béèrè bóyá ó ń wá nǹkan.

Ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kódà kó jẹ́ ìdajì. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ìyá bi í pé lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ògiri náà tán, ta ni yóò máa gé igi fún un. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ wà. Ìyá ní ẹ̀rọ náà fẹ́ ọwọ́. Ọkùnrin náà ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò. Ìyá padà sọ́dọ̀ àbúrò, ó bẹ òun náà, òun náà kọ̀. Ìyá bi í pé bí iṣẹ́ bá ń bàjẹ́ ní òdìkejì ògiri ńkọ́. Àbúrò ní ó kéré tán, wọn ò ní lè rò pé òun ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó kó wọn jọ padà sí ìdí tábìlì roboto. Ó ní kí kálukú dá àbá tó bá wá sí i lọ́kàn, kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ pé èyí dára tàbí kò dára. Wọ́n dárúkọ ògiri, wọ́n dárúkọ ọjọ́ tí kálukú yóò máa lo ẹ̀rọ, àbá wọn sì tán. Ìyá wá béèrè ohun tó máa ń bi gbogbo àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́, kí ó má baà jọ pé inú yàrá kejì ló ti gbé e wá: nínú iṣẹ́ yìí, apá wo ni kálukú yín fẹ́ràn jù lọ láti ṣe?

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. “Màmá, kí ló sọ fún yín?”

“Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ wà níbẹ̀, bí tiyín náà ṣe wà níbẹ̀.”

Ó yí ojú sí àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rù ba àbúrò pé ojú òun lè tú àṣírí, ó sì wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò ó bẹ́ẹ̀, ó rò pé ẹni tó jẹ̀bi ló ń wolẹ̀.

“Ẹ kọ ògiri sílẹ̀,” ló wí.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé àdéhùn náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún un. Pákó ni wọn yóò fi ṣe ògiri náà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé ẹ̀yìn, kí oṣù tó parí. Ẹ̀gbọ́n ni yóò máa lo ẹ̀rọ láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́rú, àbúrò láti Ọjọ́bọ̀ dé Àbámẹ́ta. Nígbà tó kan tábìlì bàbá wọn, Ìyá dúró díẹ̀ bóyá ẹnì kan yóò kọ̀. Àbúrò ní kí bọ̀ọ̀dá òun gbé odindi rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò tọrọ. Wọ́n gbà pé kí wọ́n là á ní agbede méjì, kí àwọn méjèèjì sì là á fúnra wọn, nítorí pé ayùn gígùn tó lè gé irú igi bẹ́ẹ̀, èèyàn méjì ló ń fà á.

Ìyá ka àdéhùn náà sókè ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbà láti ṣe. Ó ní wọ́n lè gbé e fún lọ́yà wò, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó sọ èyí lẹ́ẹ̀mejì, ju bó ṣe máa ń sọ ọ́ lọ.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ lónìí,” ẹ̀gbọ́n wí.

Ó mú bíírò. Bíírò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó tó kan ìwé, ó sì fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Lójú ẹsẹ̀, àbúrò gbé ojú sí aago tó wà lára ògiri, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé, kí ó má baà rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n parí tó gbójú sókè, ẹni tó ń wo aago ló rí.

“Ó ń kánjú,” ó sọ fún Ìyá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Aago yẹn ń sáré ni, bọ̀ọ̀dá,” àbúrò wí.

Òun náà fọwọ́ sí i. Ìyá Àárín fọwọ́ sí i lẹ́yìn wọn. Ẹ̀dà kan fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dà kan fún àbúrò, ọ̀kan fún adájọ́ kó lè sọ ọ́ di ìdájọ́. Ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú jáde. Àbúrò di ilẹ̀kùn mú fún un, kò sì jọ pé ẹ̀gbọ́n rí ẹni tó dì í mú.

Òfin iṣẹ́ náà ni pé kí onílàjà pa ohun tó kọ sílẹ̀ run bí ìjókòó bá ti parí. Ìyá fa ojú ewé náà ya kúrò nínú ìwé rẹ̀, ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́wẹ́. Ó tún gbólóhùn apá òsì kà, ó tún ti apá ọ̀tún kà. Lẹ́yìn náà ó tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ náà.

Akọ̀wé yọjú láti ìdí fáìlì, ó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà ti yanjú.

“Wọ́n ti fọwọ́ sí i,” Ìyá Àárín wí.