Ètò Tí Wọ́n Ní Ẹ̀rọ Ló Bá Ìyá Gbénró Kọ

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi fẹ́ràn ìpàdé mọ́. Ìpàdé kan ni wọ́n fi ba obìnrin kan lórúkọ jẹ́ lójú mi ní Igbó-Ọrà níbí, ó sì wà lọ́wọ́ mi láti gbà á sílẹ̀. Mi ò gbà á sílẹ̀.

Ọmọ́tárá ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Gbénró la máa ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì nílé-ìwé aládàáni tí èmi ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà. Láti Lánlátẹ̀ ló ti ń wá láràárọ̀. Ọ̀kadà á gbé e dé, eruku á ti kùn ún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á gbọn ara rẹ̀ lẹ́nu géètì, á sì wọ kíláàsì kí aago tó lù. Ẹnu rẹ̀ mú o, ẹ má tàn ara yín. Ṣùgbọ́n tí ọmọ kan ò bá wá sílé-ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ló máa wá a dé oko bàbá rẹ̀. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí?

Nígbà tí àyè igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ṣófo, gbogbo wa ló mọ̀ pé òun ló tọ́ sí. Ó wù ú gan-an. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Àkíbù, tí wọn ò bá fún mi lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní béèrè mọ́ láéláé.” Bàbá Ràhmọ̀t tó ni ilé-ìwé ní òun ò fẹ́ ojúsàájú: kí Ìyá Gbénró àti Malachi, tíṣà jọ́gíráfì tí kò tíì lò ju ọdún mẹ́rin lọ lọ́dọ̀ wa, kọ ètò ọdún mẹ́ta fún ilé-ìwé. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló ni ipò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá Gbénró fi kọ tirẹ̀, lórí fóònù, lákòókò ìsinmi, lábẹ́ igi kaṣú ẹ̀yìn kíláàsì. Èmi ni mo fi áàpù tó ń lò hàn án. Tí ẹ bá tẹ àmì háàṣì (#) méjì síwájú ọ̀rọ̀, tí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, áàpù náà á fi àmì yẹn pamọ́, á sì sọ ọ̀rọ̀ náà di àkọlé gàǹgà. Ẹ fi àmì ìràwọ̀ (*) méjì síwájú ọ̀rọ̀, méjì sẹ́yìn rẹ̀, á dúdú kedere. Mákídáùn ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ àwọn àmì yẹn ò kúrò níbẹ̀ o! Áàpù náà ló mọ bó ṣe ń wọ ọ̀rọ̀ náà láṣọ. Ẹ gbé e lọ sí ibòmíì tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ìhòòhò ló máa dé ibẹ̀, pẹ̀lú háàṣì àti ìràwọ̀ ẹ̀. Mo mọ èyí dáadáa. Mi ò sọ fún un, torí mi ò rò pé ó lè di nǹkan.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí tó burú jù. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣèpàdé, Malachi wọlé tọ̀ mí wá. “Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi yọ àwọn àmì wọ̀nyí kúrò, wọ́n ń dà mí láàmú.” Mo wo kọ̀ǹpútà rẹ̀: háàṣì níbí, ìràwọ̀ lọ́hùn-ún. Ó ti ní kí AI kọ gbogbo ètò náà fún òun, ó dà á sínú ìwé, àwọn àmì sì bá a wá, torí bí àwọn ẹ̀rọ yẹn náà ṣe ń kọ̀wé nìyẹn. Kò tiẹ̀ fi pamọ́ fún mi. Mo bá a yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo bá a ṣe àkọlé dáadáa, mo tún ń bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Ojú Bàbá Ràhmọ̀t kò ríran dáadáa mọ́, ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ìwé tó bá dé ìpàdé, Edith akọ̀wé ló máa kà á sókè. Ẹnì kan ti fo ìlà kan fún wọn rí nínú ìwé ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Látìgbà náà, wọn ò gbà kí Edith fo ohunkóhun. Ohun tó bá wà lórí ìwé, kó pè é.

Ìyá Gbénró ti fi ímeèlì rán tirẹ̀ láti inú áàpù. Edith tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe bá a. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀: “Háàṣì háàṣì, Yàrá Àyẹ̀wò. Ìràwọ̀ ìràwọ̀, Màíkíróskóòpù mẹ́ta, ìràwọ̀ ìràwọ̀…”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí Àkànó, alága àwọn òbí, fi lu tábìlì. “AI nìyẹn! Ọmọ mi tó wà n'Íbàdàn ti fi hàn mí. Àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn!”

“Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́,” ni Ìyá Gbénró wí. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó gbé e yí wọn ká. “Ẹ wò ó. Ohun tí mo kọ nìyí.” Lóòótọ́, ó mọ́ tónítóní, àkọlé tẹ̀lé àkọlé, kò sí háàṣì kan.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Háà! Àkànó ní, “Ẹ ò rí i? Ó ní ẹ̀dà méjì! Èyí tó ṣe lóge dè wá ló ń fi hàn wá. Èyí tí wọ́n kà yẹn ni òótọ́ ibẹ̀.”

“Ọ̀kan náà ni wọ́n!” ni Ìyá Gbénró wí. “Ẹ bi Àkíbù, òun ló kọ́ mi.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Bàbá Ràhmọ̀t ní, “Àkíbù, ṣé ìwọ lò ń kọ́ àwọn tíṣà mi bí wọ́n ṣe ń fẹ̀rọ kọ̀wé?”

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ tún ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi ṣe fún ọdún míì. Oyún Hàbíbàt ìyàwó mi ti wọ oṣù mẹ́jọ. Malachi jókòó sí ọ̀kánkán mi, ó ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí, mo ní, “Bàbá, áàpù ni mo fi hàn wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ṣe, mi ò mọ̀.”

Ìyá Gbénró wò mí. Ó jókòó.

Edith ka ti Malachi. Ó ń lọ geerege, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún un nípò. Wọ́n ní kí Ìyá Gbénró kọ lẹ́tà àforíjì, kí Malachi sì máa yẹ gbogbo nóòtì rẹ̀ wò kó tó lò ó ní kíláàsì. Tíṣà ọdún mọ́kànlá! Nǹkan yìí ká mi lára títí dòní.

Nígbà tó di oṣù kejì, Malachi ní kí n kọ́ gbogbo tíṣà bí wọ́n ṣe ń dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀. Mo gbà. Mo dúró níwájú wọn, mo ya háàṣì àti ìràwọ̀ sójú pátákó bíi pé mo mọ nǹkan kan. Ìyá Gbénró ló jókòó síwájú pátápátá, ó ń kọ ohun tí mo ń sọ sílẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ẹni tó ní ìbéèrè, ó nawọ́.

“Tíṣà Àkíbù, ẹni tó mọ òótọ́, tó sì sẹ́ ẹ, àmì wo la fi ń dá òun mọ̀?”

Malachi ní ìyẹn ò sí lára ohun tí a wá kọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń bá ẹ̀kọ́ mi lọ.