Sím Kejì Tí Mo Yọ Nínú Fóònù Rẹ̀

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, láàárọ̀ àná, ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹyẹrúnkà, tó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi.

"Tíréè sím ni. Ó jáde díẹ̀, ó wá há. Mo ti fà á títí."

"Má fà á mọ́, jọ̀ọ́."

Láti ìgbà tí mo ti sin ìlú tán ni mo ti ń kọ lẹ́tà wáṣẹ́, àmọ́ fóònù títúnṣe tí mo kọ́ nígbà tí mo ṣì wà níléèwé ló ń bọ́ mi. Ọmọbìnrin náà àti ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba. Tí Iléyá bá kọjá, àwọn òbí wa fẹ́ ríra. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kékeré fi ń dà mí láàmú tó báyìí.

Inú mi kọ́kọ́ dùn pé èmi ló gbé e wá bá. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe pọ̀ láti Bẹẹrẹ dé Mápó, àwọn kan sì wà nínú wọn tó máa ń bá a ṣàwàdà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń ka ẹ̀rín tó bá rín fún wọn sínú. Mi ò fẹ́ràn ìwà yìí lára mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa jáwọ́ nínú ẹ̀.

Mo pa fóònù náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ihò tíréè, àwo kékeré tí sím ń jókòó lé. Mo rí etí sẹ́lótéèpù tó ti ká kò. Inú ibẹ̀ ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ka sím wà, wọ́n tò bí eyín òòyà. Sẹ́lótéèpù yẹn ti kọ́ wọn. Téèyàn bá fagbára fà á, wọ́n á tẹ̀ tàbí kí wọ́n kán, wàhálà ńlá ló sì máa dà.

Ìyá tó ń ta káàdì ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ọrùn. "Ìyàwó wa, ọkọ ẹ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ṣèdánwò!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ara mi."

Mo gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára fáìlì tí mò ń kó sàtífíkéètì mi sí. Mo rọra ti tíréè padà sínú díẹ̀ kí ohun tó kọ́ lè tú, mo ki ike náà sáàárín sẹ́lótéèpù àti àwọn irin yẹn, kó lè tẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Mo di ike mú síbẹ̀, mo fi ẹ̀mú kékeré fa tíréè. Ó yọ́ jáde.

Sím méjì ló wà lórí ẹ̀.

Mo mọ ọ̀kan. Èkejì jẹ́ sím ńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé kéré. Ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, kò jókòó dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ tíréè. Nọ́ńbà kan ṣoṣo sì ni ọmọbìnrin yìí sọ fún mi pé òun ní.

Mo dá sím tí mo mọ̀ padà, mo tan fóònù. Nẹ́tíwọ́kì wọlé. Kò sí irin tó bà jẹ́. Inú mi ló bà jẹ́.

"Ta ló gé èyí fún ẹ?"

"Ẹnì kan ni. Fi í padà, jọ̀ọ́."

"Ó máa tún há. Kí wọ́n bá ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́kì. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lórí ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ fúnra ẹ̀."

Ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Orúkọ mi kọ́ ló wà lórí ẹ̀."

"Orúkọ ta ni?"

"O ti tún bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èèyàn ni. Bá mi tọ́jú ẹ̀, kó má lọ sọnù sáàárín aṣọ. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ó lọ. Ìyá oníkáàdì wojú mi. "Ọmọ yìí, o ò ní í pa ara ẹ?"

Nínú iṣẹ́ wa, ohunkóhun tó bá jáde nínú fóònù èèyàn, ọwọ́ ẹni tó ni ín là ń dá a padà sí. A kì í ki sím oníbàárà bọ fóònù mìíràn láti mọ ohun tó wà lórí ẹ̀. Ìwà olè là ń pè é. Ṣùgbọ́n fóònù àlòkù kún ilé mi, òní sì ni Àìkú. Tí mo bá ki sím yìí bọ ọ̀kan nínú wọn, mo máa mọ ẹni tó ń pè é. Nígbà míì mo máa ń rò pé torí pé ó fọkàn tán mi ló fi gbé e sílẹ̀. Nígbà míì, mo máa rò pé kò kà mí sí ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sím bàbá rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìmọ̀ yẹn ò mú kí n rí oúnjẹ jẹ.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n wò ó, àbí kí n dúró di ọ̀la kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi? Tí kò bá wá sọ ńkọ́?