Kọ̀ǹpútà Ò Jẹ̀bi

Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì Òkè-Ìléwó ń ya ìdérí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ dín mímú etí rẹ̀ kù, kó tẹ̀ roboto ní ìwọ̀n mílímítà márùn-ún. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ọ̀gá ní kọ̀ǹpútà ti gbó, ó ra tuntun. Ìyẹn náà kọ̀.

Mo wo àwòrán náà dáadáa. Ojú ìdérí méjì tó pàdé létí yẹn, tó yẹ kó dọ́gba, ò dọ́gba. Àtẹ̀gùn tín-ín-rín tí ò tó mílímítà kan wà láàárín wọn. Níbo ni roboto mílímítà márùn-ún fẹ́ jókòó sí?

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ àtẹ̀gùn yìí, kí ojú méjèèjì di ọ̀kan, ká tó fọwọ́ kan etí."

Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́.

Nígbà tó lọ jẹun, mo ṣe é. Etí gbà lẹ́ẹ̀kan náà, lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ó dé, ó wò ó, ó mi orí: "Àbí ìwọ náà rí i? Kọ̀ǹpútà yìí kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni."