Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nípa Ènì Ìpàtà

Mo ti máàkì prójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn títí ó fi sú mi, àmọ́ ti ọmọbìnrin kan ń dùn mí títí dòní. Èmi ni olùtọ́nà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo ní ọjà Ìpàtà nílùú Ìlọrin, ọmọ náà sì ti ń bá a wọn ẹ̀wà láti kékeré. Ó wá béèrè ohun tí èmi, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, kò béèrè rí: nígbà tí ọjà bá wọ́n, ta ni àwọn olóńjẹ ṣì ń bu ènì fún, ta sì ni wọn kì í bù fún? Ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ tí wọ́n ń dà lé e lẹ́yìn tí wọ́n bá wọn kóńgò tán. Ọjọ́ tó sọ ọ́ ní ọ́fíìsì mi, inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga.

A jọ fẹnu kò lórí bí yóò ṣe ṣe é. Kì í ṣe òun ni yóò lọ rajà. Yóò rán àwọn tí ọjà kò mọ̀: ẹnì kan tó ń sọ Yorùbá Ìlọrin, ẹnì kan tó jẹ́ àlejò pátápátá, ẹnì kan tó ń fi Hausa nájà. Yóò ṣẹ́ gègé mú ìsọ̀ tí wọn yóò yà. Àfi bí àwọn tó bẹ̀ ṣe já a kulẹ̀, tí ọjọ́ tí a ó gba prójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sọ fún mi. Ó gbé àpò, ó lọ fúnra rẹ̀. Ní Ìpàtà, ẹ gbà mí o, níbi tí ìdajì àwọn ìyá olóńjẹ ti pọ̀n ọ́n rí! Wọ́n bu ènì fún un títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé ọ̀wọ́n ọjà kò tíì pa ènì ní Ìpàtà.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ó kọ ọ́ gbangba ní orí kẹta pé òun gan-an ló rà á. Ká ní ó purọ́ ni, ta ni ì bá mọ̀? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Olùdánwò tó wá láti yunifásítì mìíràn fún un ní máàkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lórí àkọ̀tun èrò. Lórí ìlànà ìwádìí, ohun tó fún un kò tó nǹkan. Kò pariwo mọ́ ọmọ náà. Ó kàn sọ fún un pé, “Kì í ṣe ènì lo wọ̀n. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ẹ lo wọ̀n.” Òótọ́ ni.

Máàkì yẹn ló já a bọ́ kúrò nínú onípò kejì ti òkè, tí àwọn ọmọ ń pè ní tú-wan. Bẹ́ẹ̀, àjọ kan tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ti ṣèlérí pé àwọn yóò sanwó kó lọ gba oyè kejì, bó bá ti lè mú tú-wan wá. Mo sáré lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa pé ká jẹ́ kó padà sí ọjà, kó tún un ṣe bó ṣe yẹ. Ó ní olùdánwò ti fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ ti gba èsì náà wọlé, àti pé ọmọ náà yege. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nìkan ló lè tún prójẹ́ẹ̀tì ṣe. Ó ní kí n lọ kọ lẹ́tà tí a máa ń kọ láti ṣàlàyé máàkì fún akẹ́kọ̀ọ́.

Mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún un kọ. Mo ní ìbéèrè rẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo gbà lọ́dún náà. Mo ní ẹni tí ọjà mọ̀ kò lè fi ara rẹ̀ dán ọjà wò. Kó rán àjèjì, kó sì fi ohun tí wọ́n bù fún kálukú wéra. Gbogbo ìmọ̀ràn yẹn dára, kò sì wúlò fún un mọ́. Ṣe ló dà bí ìgbà tí mo ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń pa iná, nígbà tí ilé ti jó tán.

Ó kà á níwájú mi, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó wá béèrè pé, “Ṣé mo lè tún un ṣe, mà?” Mo ní rárá. Ó ká lẹ́tà náà sínú àpò, ó lọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan ń bọ̀, mo lọ ra ẹ̀wà ní Ìpàtà. Òun ló jókòó sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Obìnrin kan wà níwájú mi tí Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Ọmọ náà wọn ẹ̀wà fún un, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí kóńgò dọ́gba, kò sì bu ènì kankan. Ó wá kàn mí. Ó wọn tèmi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bu ènì lé e, ó tún bù ú. Mo wo ẹ̀yìn obìnrin tó ń lọ, mo wo ọmọ mi. Mo mọ̀ pé òun náà rí i.

Kí n tó lanu, ó so ọ̀rá náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Mo mọ̀ yín.”