Igba Ọ̀rọ̀ Géérégé

Ìyá Àbẹfẹ́lẹ́, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ni akọ̀wé yàrá ìwádìí ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ìròyìn tó dé bá a kẹ́yìn ni pé àpéjọ ńlá àwọn elétò ìlera ti gba ìwé àkékúrú kan, ìyẹn ìwádìí tí a ké kúrú sí ojú ìwé kan, tó gé lóṣù tó kọjá. Orúkọ tirẹ̀ kò sí lórí ìwé náà. Kò dùn ún. Ẹni tó gé irun ọkọ ìyàwó kì í bá wọn ya fọ́tò.

Nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣe ìwádìí ọ̀hún. Ọdún méjì gbáko ló fi wádìí bóyá bí wọ́n bá pe àwọn ìyá lórí fóònù nígbà tí àbẹ́rẹ́ ọmọ bá ku ọ̀la, wọn yóò wá. Bí àpéjọ bá gba àkékúrú rẹ̀, yóò dìde sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà iṣẹ́. Bí wọn kò bá gbà á, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni iṣẹ́ náà ń lọ. Igba ọ̀rọ̀ ni àpéjọ fọwọ́ sí. Bó bá fi ẹyọ kan lé, bọ́tìnnì tí a fi ń fi í ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kò ní ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìwé kẹ́yìn, agogo méjìlá ọ̀sán ni ilẹ̀kùn máa tì.

Agogo mẹ́wàá ọjọ́ náà ni Ẹlẹ́rìn-ín mú ìwé wá fún Ìyá Àbẹfẹ́lẹ́, igba ọ̀rọ̀ ó lé àádọ́rùn-ún. Ó yọ ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé ìwòsàn sílẹ̀: mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ. Ó yọ ọpẹ́: mẹ́rìnlélógún lọ. Ibì kan wà tí wọ́n ti sọ iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó mú ọ̀kan kúrò: méjìlá lọ. Ó wá ku méje. Ó wò yíká bí ẹni ń wá eegun nínú ẹja, ó sì rí “gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀ dájúdájú.” Ó ní bí gbogbo wa bá mọ̀ ọ́n, kí la fẹ́ sọ ọ́ fún? Igba ọ̀rọ̀ pé géérégé.

Ìgbà náà ni Dókítà Àgbà wọlé. Òun ló ni ìtàn ìdásílẹ̀, òun nìkan ló sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí kọ̀ǹpútà máa ń bèèrè kó tó gba ìwé. Ó kà á, ó fajú ro. Ó ní kí wọ́n dá ìtàn òun padà, kí wọ́n yọ bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí, ọ̀rọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àti gbólóhùn tó sọ pé ìpè kò ran àwọn ìyá tí kò ní fóònù tiwọn lọ́wọ́, mẹ́rìndínlógún. Ó ní kò yẹ kéèyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí. Ìyá ṣe é bó ti wí, ṣùgbọ́n ó tọ́jú èyí tí òun ti gé.

“Ìyá, ẹ kà á. Igba náà ni.”

“Igba ni, ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà á gbà á. Kọ̀ǹpútà kì í bèèrè ìbéèrè.”

Ẹlẹ́rìn-ín, tó ṣì wà níbẹ̀, ti gbàgbé ẹ̀rín.  Ìyá Àbẹfẹ́lẹ́ tẹ ìwé méjèèjì jáde, ó sì ránṣẹ́ pe Bàbá Géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn: yóò ka ìwé fún àlejò ọ̀rọ̀, yóò dojú rẹ̀ délẹ̀, yóò sì bi í ní ohun tó gbọ́. Ó ka ti Dókítà.

“Bàbá, kí ni wọ́n rí?”

Bàbá Géètì họrí. “Wọ́n rí i pé ilé ìwòsàn yìí ti pẹ́. Wọ́n tún pe àwọn kan lórí fóònù. N kò mọ ohun tí wọ́n bá wọn sọ.”

Dókítà húkọ́. Ìyá ka èkejì. Bàbá ní ọ̀ọ́dúnrún ìyá ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n pe ìdajì, wọn kò pe ìdajì. Mẹ́rìndínláàádóje ló wá nínú àwọn tí wọ́n pè, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún péré nínú àwọn yòókù.

“Àmọ́ bí fóònù bá jẹ́ ti ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ lẹ pè. Ìyẹn lẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe.”

Ó padà sí ẹnu géètì rẹ̀. Dókítà jókòó, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ẹ ti gbé ẹlẹ́rìí wá sórí mi.”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́.”

Ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni bọ́tìnnì tàn, ìwé tí Ìyá gé sì lọ, gbólóhùn àwọn ìyá tí kò ní fóònù tiwọn sì wà nínú rẹ̀. Nínú èsì tí àpéjọ fi ránṣẹ́, gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì múra láti dáhùn ìbéèrè lé lórí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ ń gba mẹ́tàdínlógún. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní agogo méjì ọ̀sán, yóò kà á fún Ìyá Àbẹfẹ́lẹ́ nínú yàrá ìwádìí.