Ọjọ́ tí Wọ́n Fi Pẹ́ńsù Kọ

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣì wà láàyè. Ó kọ́lé sí Baguida lẹ́bàá Lomé, òkun ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, wọ́n sì máa ń fún un láyè níwájú ní mọ́sálásí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, ìyá tèmi náà ti kú, kò sì sí ẹni tó kù láyé tó lè wá bẹ̀ mí pé kí n gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n bí mi ní Lomé, àsíá Faransé ṣì wà lórí ilé ìjọba. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, kò fẹ́ràn ilé-ìwé wọn. Ó ní ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ kì í lè kí bàbá rẹ̀ dáadáa mọ́. Ó kó mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà, ibẹ̀ ni mo ti kàwé Gẹ̀ẹ́sì títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Nígbà tí mo padà dé, Gẹ̀ẹ́sì mi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní Lomé. Mo kọ́ Faransé, mo ń tẹ̀wé fún àwọn ọ̀gá tí kò kàwé tó mi. Irun mi ti ń funfun kí ìmeèlì tó dé, kí ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò Nyékonakpoè tó ń ta kajú sí òkè òkun tó rántí pé ẹnì kan wà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Vietnam ni àwọn oníbàárà wa wà. Wọn kò gbọ́ Faransé, àwa náà kò gbọ́ èdè wọn. Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe èdè ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa, ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá wọn fi ọjọ́ sí àdéhùn: ọjọ́ tí a ó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọjọ́ tí ẹrù yóò dé èbúté, ọjọ́ tí ẹni tó ń yẹ kajú wò fún wọn lè wá.

Ìmeèlì mi àkọ́kọ́ dùn bíi ti ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Ọ̀fà, ó kún fún àkànlò èdè. Obìnrin tó ń gbà á lọ́hùn-ún dáhùn pé, “A ti gbọ́, ẹ ṣeun.” Nígbà tí ọjọ́ pé, mo pè, kò sẹ́ni tó gbé fóònù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé “a ti gbọ́” yẹn, ọ̀wọ̀ ni. Bí ọmọ tí àgbà rán níṣẹ́ tó ní “mo gbọ́, mà,” tó wá dé ẹnu ọ̀nà tó dúró, tí kò mọ ibi tí wọ́n rán an.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Kókó kan ṣoṣo nínú gbólóhùn kan. Mo ń kọ orúkọ oṣù jáde, n kì í fi nọ́ńbà ṣe é, nítorí ibi tí ẹnì kan ti ń ka nọ́ńbà sí ọjọ́ ni ẹlòmíì ti ń kà á sí oṣù. Mo ń kọ aago ti Lomé, mo ń kọ tiwọn sí abẹ́ rẹ̀. N kì í pa òwe Òyìnbó kankan. Mo sì máa ń fi ẹ̀bẹ̀ kan parí rẹ̀, pé kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago náà padà sí mi. Bí ìdáhùn kò bá ní ọjọ́ nínú, kì í ṣe ìdáhùn lójú mi, n óò tún kọ.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, obìnrin náà kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìmeèlì rẹ̀ pé, “Gẹ̀ẹ́sì yín rọrùn. Bí mo bá rí orúkọ yín, ẹ̀rù kì í bà mí.” Kò sẹ́ni tó yìn mí bẹ́ẹ̀ rí ní Lomé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn bí ẹni gbé góòlù sábẹ́ ìrọ̀rí. Ohun tí wọ́n wá gbà lọ́wọ́ mi gan-an nìyẹn.

Ọkùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, obìnrin kan tó ń patẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi ní ọjà ló bí i. Mo ti wẹ̀ fún un rí ní kékeré, Tántì, ìyẹn àǹtí, ló sì ń pè mí. Ó lọ sí Ìlú Ọba, ó gba oyè, ó padà, ọ̀gá wa sì fi í ṣe olórí ọjà títà. Ní ìpàdé tó kọ́kọ́ pè, ó gbé ìmeèlì mi sára ògiri kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé pẹ̀lú ohùn ọmọ kékeré.

“Ẹ gbọ́ o. ‘Ìpàdé wa jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́sàn-án ni ní Lomé. Aago mẹ́rìndínlógún ni ní Vietnam. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ padà sí mi.’ Tántì, ṣé ọmọ CP1 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé lẹ ń kọ̀wé sí ni?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ni ẹ̀rín tirẹ̀ pẹ́ jù. “Madame, wọ́n ṣáà sọ fún mi pé Nàìjíríà lẹ ti kàwé!”

Mo ní, “Ó yé àwọn tí mo ń kọ ọ́ sí.”

“Ó yé wọn o,” ọmọ náà dáhùn, “àmọ́ kí ni wọ́n ń rò nípa wa? Wọ́n á ní ilé àwọn tí ò kàwé ni.” Ó wá rọ ohùn sílẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá, bí ẹni ń ṣàánú mi. “Ẹ má bínú, Tántì. Ayé ti yí padà.”

Ojú tì mí débi pé ara bàtà mi ni mo ń wò títí wọ́n fi dìde. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì! Mo fẹ́ pariwo pé mo mọ èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé èmi ni mo dìídì bọ́ aṣọ iyì kúrò lára rẹ̀. Ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Àdírẹ́sì kan náà ló ń lò, orúkọ mi sì ń jáde fúnra rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́. “Orúkọ yín ni wọ́n mọ̀, Tántì. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.” Ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, n kò lè ṣí àpótí ìmeèlì náà mọ́.

Nígbà náà ni obìnrin Vietnam náà béèrè ọjọ́ tí òun lè fúnra rẹ̀ wá wo kajú tuntun. Iléyá ti ń sún mọ́lé, wọn kò sì tíì rí oṣù, kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí yóò bọ́ sí. Ọmọkùnrin náà kọ èsì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e síwájú mi. “Ẹ kà á, Tántì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́.”

Mo kà á. Ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ló ti sọ pé òun ti fi pẹ́ńsù kọ wọ́n sí Ọjọ́bọ̀ kan, bí òṣùpá bá rẹ́rìn-ín sí wa. Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni fún ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀: ohun tí a fi pẹ́ńsù kọ ṣeé pa rẹ́, ìyẹn ni pé ọjọ́ náà kò tíì dájú.

“Kò ní yé e,” ni mo sọ.

“Ó ti dáhùn. Ó ní òun ti gbọ́, ẹ ṣeun púpọ̀.”

“Ṣé ó kọ ọjọ́ náà padà?”

“Kó wá máa dà á kọ bíi dictée ọmọ ilé-ìwé?”

“Sọ fún un kó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Sọ fún un pé bí a bá rí oṣù, a ó kọ̀wé míì.”

“Tántì, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ ò mọ̀ pé èèyàn ń fẹ̀yìn tì ni?”

Wọ́n rí oṣù. Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni Iléyá bọ́ sí. Lójú ọmọkùnrin náà, ọjọ́ tí a fi pẹ́ńsù kọ ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nìyẹn, kò sì kọ̀wé míì.

Mo ń gé ẹran lọ́wọ́ ní ọjọ́ ọdún nígbà tí ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́ pè mí pé òyìnbó obìnrin kan wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú báàgì. Mo gun ọ̀kadà zémì lọ, òórùn àgbò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orí bẹ́ǹṣì ọlọ́dẹ ló jókòó sí, èéfín ẹran sísun ń fẹ́ kọjá lójú rẹ̀. Ó kéré ju bí mo ṣe rò ó lọ. Mo sọ orúkọ mi. Ó fò dìde pẹ̀lú ẹ̀rín, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Lẹ́yìn náà ló na ìwé kan sí mi. Ó ti fa ìlà sábẹ́ Ọjọ́bọ̀.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́,” ó wí. “Mo wo ìwé atúmọ̀. Pẹ́ńsù, ohun ìkọ̀wé ni. Mo ní wọ́n ti kọ ọ́, nítorí náà mo wá.”

Mo ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ báàgì. “Tẹ́lẹ̀, ẹ kì í kọ̀wé sí mi báyìí,” ó wí.

Kí n tó lanu, ọkọ̀ ọmọkùnrin náà ti dé. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú agbádá ọdún, ó ń da Gẹ̀ẹ́sì gígùn sílẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé mi léjìká. N kò rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé obìnrin náà tán, ṣùgbọ́n ó gbọ́ “àgbàlagbà,” ó gbọ́ “àṣìṣe,” ó sì rí ọwọ́ yẹn ní èjìká mi. Ó wò mí. Mo wolẹ̀.

Ẹrù wa kò tíì dé láti oko ní àríwá, ibòmíì sì ń retí obìnrin náà. Ó bá tirẹ̀ lọ láì rí kajú kankan.

Ọ̀gá wa ní kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, nítorí orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Mo kọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ìyá ọmọ náà wá, ó gbé ẹran Iléyá lọ́wọ́. Arúgbó tó ti bá ìyá mi jẹun nínú abọ́ kan náà, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì mi.

“Ẹ dìde, Ìyá, ẹ má ṣe báyìí fún mi.”

“N ò ní dìde. Bá mi bo ọmọ mi láṣìírí. Ìwọ ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.”

Ọmọ ta ló lè wo irú orókún bẹ́ẹ̀ nílẹ̀? Mo gbà.

Ọmọ náà ṣí àpótí ìmeèlì náà fún mi, mo wá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ká ní Yorùbá ni, mo lè fi òwe bo ara mi. Faransé náà ní gbólóhùn ẹ̀yẹ tí ènìyàn lè sá sẹ́yìn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń kọ sí obìnrin yìí kò ní aṣọ lára, èmi ni mo sì bọ́ ọ. “Mo ṣe àṣìṣe. N kò sọ ọjọ́ fún yín dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.” Kò sí ibi tí mo lè fi ara pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Èsì obìnrin náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ó ti kọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́. “Ẹ ṣeun. Ó yé wa. Ẹ jọ̀wọ́, láti ìsinsìnyí, kí ẹlòmíì máa kọ̀wé sí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí mi.”

Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́yìn àga mi nígbà tí mo ń tẹ orúkọ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ rọra, Tántì, ẹ má ṣì í kọ.”