Ó Dọ̀bálẹ̀, Kò Sọ Píìnì

Nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ẹni tó bá fa téèpù ló máa ń pe nọ́ńbà sókè, ẹni tó ń kọ ọ́ yóò sì pè é padà kí wọ́n má baà ṣì í. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí èmi náà ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Ìkòròdú nìyẹn. "Fọ́tì-síìsì!" "Fọ́tì-síìsì!" Àwọn oníbàárà kan kì í fẹ́ kí àdúgbò gbọ́ bí ìdí wọn ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé aṣọ tó bá fún mọ́ wọn lára ni yóò tú àṣírí náà jù.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tí ohùn rẹ̀ ròkè ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ẹ̀pẹ́ ló ti wá. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà ní ọjà ẹja níbẹ̀, ó sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un lọ́jọ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán tó gba òmìnira. Nígbà tí òmìnira ku oṣù díẹ̀, ìyá ní kí ó lọ ṣí àkáǹtì, òun kò fẹ́ kí owó máa sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun mọ́. Ó ṣí i, gbogbo owó ẹ̀rọ náà sì wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni báńkì fún un ní káàdì.

Mo ti rí ìyàwó tuntun tí ọkọ rẹ̀ kò wò tó bí ọmọ yìí ṣe ń wo káàdì náà. Ó fi àjákù léèsì rán àpò kékeré fún un, ó tún fi bọ́tìnì sí i.

Kò lo irú rẹ̀ rí, nítorí náà mo bá a lọ síbi ẹ̀rọ ATM báńkì rẹ̀, lẹ́bàá Gáréèjì Ìkòròdú. Àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn wa. Ó ki káàdì bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní kí ó tẹ píìnì rẹ̀. Ó na ìka, ó sì gbé ohùn sókè bí ẹni tó fa téèpù yí oníbàárà ká:

"Sẹ́fún! Tú! Náìnì!"

Kí n tó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì dání lẹ́yìn wa ti dáhùn pé, "Ó ku ẹyọ kan. Jẹ́ ká gbọ́ ọ o."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà kan ní, "Bọ̀dá, ṣé kí n bá ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"

Mo ní kí ó fagi lé e kí káàdì jáde, mo sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló ní kó o pè é?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa pe nọ́ńbà, mà."

"Nọ́ńbà ìdí ènìyàn nìyẹn! Èyí, ìwọ nìkan ló ni ín. Má pè é, má kọ ọ́ síbì kankan, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà?"

"Títí kan èmi."

"Òṣìṣẹ́ báńkì ńkọ́?"

"Báńkì kì í béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá ní báńkì ló rán òun wá béèrè rẹ̀, olè ni."

A dúró títí àwọn tó gbọ́ ọ fi lọ. Ó padà síbi ẹ̀rọ láti pààrọ̀ píìnì: ó tẹ ti àtijọ́, ó tẹ tuntun, ó tún tuntun náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹ̀rọ ṣe ní kí ó ṣe. Èmi kẹ́yìn sí i. Òun da gbogbo ara bo ẹ̀rọ, tí sẹ̀kúríìtì fi pariwo pé, "Bọ̀dá, rọra dì mọ́ ọn o, kì í ṣe ìyàwó ẹ!"

Láti ọjọ́ náà ló ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Kò pe nọ́ńbà mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti wọn oníbàárà tán, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sétí mi, yóò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Inú obìnrin kan láti ẹ̀sítéètì, tó sanra dáadáa, dùn sí èyí débi pé ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò mọ̀. Lọ́jọ́ tó gba káàdì náà, ayọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀, ó ti ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ti fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá ti fi í han gbogbo ọjà ẹja.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá náà pè. Ọwọ́ ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé fóònù sórí tábìlì ìlọṣọ, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta.

"Ọmọ mi, bọ̀dá kan wà lọ́dọ̀ mi níbí, ó de táì. Báńkì ló rán an. Ó ti wo káàdì ẹ lórí fóònù mi, ó ti kọ gbogbo nọ́ńbà ara ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní wọ́n máa ti àkáǹtì yẹn pa lónìí tí a ò bá tètè ṣe é. Ó ku píìnì. Ó tún ní nọ́ńbà kan á wọlé sórí fóònù ẹ, kó o ka ìyẹn náà fún wa."

Ọmọ wò mí. Mo mi orí pé rárá. Òun náà ti mọ̀ pé olè ni, ká ní ẹlòmíràn ló pè ni, ì bá ti já fóònù. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ nìyí, òun gan-an ló ni owó.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò lè sọ ọ́."

"O ní kí ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi tí èéfín ẹja ti fọ́ lójú tán nítorí ẹ̀rọ tó o fẹ́ rà? Èmi lo ò lè sọ ọ́ fún?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, láàárín àjákù aṣọ àti abẹ́rẹ́, ó kọjú sí ibi tí fóònù wà.

"Mo dọ̀bálẹ̀, mà. Mi ò lè sọ ọ́."

"Irọ́ lò ń pa! O jókòó!"

"Ó dọ̀bálẹ̀ o, Màmá," ni mo bá sọ. "Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀."

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá rẹ̀ ni, mà."

"Haa, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ̀yin."

"N kò mọ̀ ọ́n, mà. Kò sọ ọ́ fún èmi náà."

A gbọ́ tí ìyá ń bá ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Kò sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ̀ pàápàá. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn lọ sí báńkì yín nígbà náà, kò kúkú jìnnà." Ọkùnrin náà ní òun ń kánjú. Ìyá ní kì í pẹ́. Ọkùnrin náà tún sọ nǹkan kan tí a kò gbọ́. Ohùn ìyá bá yí padà:

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń tú táì?"

Ohun tó kàn ni ariwo abọ́ ẹja tó dà sílẹ̀, àti "Ẹ mú un! Ẹ mú un!" tí gbogbo ọjà gbà. Wọn kò rí i mú. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló fi sílẹ̀ fún wọn.

"Ṣé kí n dìde, mà?" ni ọmọ iṣẹ́ mi béèrè láti ilẹ̀.

Mo ní kí ó kọ́kọ́ pe nọ́ńbà fóònù tó wà lẹ́yìn káàdì kí wọ́n ti káàdì náà pa, nítorí ohun tó wà lójú rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Obìnrin tó gbé e ní báńkì béèrè nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀, àfi ìgbà tí mo sọ fún un pé ìyẹn kò burú, kí ó sọ ọ́. Wọ́n ti káàdì pa. Owó ẹ̀rọ pé síbẹ̀. Káàdì tuntun ń bọ̀, àpò léèsì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá náà gúnlẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ẹja yíyan nínú páálí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Olóríkunkun yẹn dà?"

Ọmọ fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dìde jàre. Ti orí fóònù ti tó mi."

Ó ní kí ọmọ wọn òun fún búbà tí òun yóò wọ̀ lọ́jọ́ òmìnira rẹ̀. Ọmọ fa téèpù, ó wọ̀n ọ́n dáadáa, ó wá bẹ̀rẹ̀ sétí mi, ó sọ nọ́ńbà náà.

"Kí ló ń sọ?" ni ìyá béèrè.

"Màmá," mo ní, "ẹ má bínú, n kò lè sọ ọ́."